Ìpolówó agbádá àránṣe: ọjọ́ tó máa gbà, ìwọ̀n tí a fẹ́, àtohun tí a ò lè yí padà mọ́

Télọ̀ Kàbà

Okun o gbogbo ilé, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń rán agbádá, bùbá àti ṣòkòtò ní Kàbà níbí, àmọ́ àwọn kọ́sítọ́mà mi tó pọ̀ jù ò sí nílé, àwọn ọmọ wa tó wà ní Àbújá, Lọ́kọ́jà, Èkó ni, tí wọ́n ń bọ̀ wálé wá sìnkú tàbí wá ṣègbéyàwó. Orí Wọ́sáàpù ni wọ́n ti ń rí iṣẹ́ mi. Ohun tí mo máa ń kọ sábẹ́ fótò ò ju "Agbádá gínì, a ń rán gbogbo sáìsì, ẹ kàn sí wa" lọ. Ẹni tó bá sanwó lónìí á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ láti òní, ìwọ̀n ara rẹ̀ ò sì ní tíì dé ọwọ́ mi di ọjọ́ kẹrin ọjọ́ karùn-ún. Ẹlòmíì, mo ti gé aṣọ tán ló máa ní kí n jẹ́ kó gùn sí i, tàbí pé ìyàwó òun ò fẹ́ àwọ̀ yẹn. Mo fẹ́ kọ ọ́ kalẹ̀ kí wọ́n ti kà á kí owó tó jáde lápò wọn. Ẹ bá mi dá sí i, báwo ni ẹ̀yin ṣe ń kọ tiyín?

Ọmọ Mọ̀pà

Brọ̀dá, èyí ò le rárá. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà gadagba: KÒ SÍ ÀTÚNṢE, KÒ SÍ OWÓ PADÀ. Kí ẹ gba gbogbo owó yín ṣáájú. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn á wá télọ̀ mìíràn. Mo ń ṣe bàtà, mo sì ń ránṣọ, bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Àǹtí Ìyàrà

Ọmọ Mọ̀pà, òótọ́ lo sọ pé kó hàn kedere kí owó tó wọlé. Ibi tí mi ò ti bá ẹ lọ ni "kò sí àtúnṣe" yẹn, torí irọ́ ni, àtúnṣe wà, ọjọ́ tí kọ́sítọ́mà sọ ọ́ ló yàtọ̀. Tó bá jẹ́ pé a ò tíì ra aṣọ, kí ló kàn mí tó bá kúrò lórí búlúù bọ́ sórí àwọ̀ wáìnì? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá kọ pé kò sí àtúnṣe, tẹ́ ẹ wá ṣàtúnṣe fún ẹnì kan torí pé ó bẹ̀ yín, ẹni kejì ò ní gbà pé òfin wà ńbẹ̀ mọ́.

Télọ̀ Kàbà, èmi á ní kí ẹ kọ ọ́ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Kí ẹ tó ra aṣọ, wọ́n lè yí ohun gbogbo padà. Tẹ́ ẹ bá ti ra aṣọ, àwọ̀ àti irú aṣọ ti dúró nìyẹn, ṣùgbọ́n gígùn àti fífẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ yín. Tí sísọ́ọ̀sì bá ti wọ̀ ọ́, ẹ lè dín in kù, ẹ ò lè fi kún un, àfi ìwọ̀nba tẹ́ ẹ ṣẹ́ sínú hẹ́ẹ̀mù àti àláwáńsì tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá fi ìnṣì kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ohun tó ṣeé tú síta nìyẹn, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó máa sọ ọ́ di mẹ́ta.

Mọ́nógíráàmù ló le jù níbẹ̀. Iṣẹ́ ọrùn àti iṣẹ́ àyà ti jókòó sójú kan, tẹ́ ẹ bá wá dín èjìká kù tàbí ẹ gbé ọrùn sókè, iṣẹ́ yẹn á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú gbogbo ènìyàn ló sì máa rí i níbi ìnáwó. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ tú u kẹ́ ẹ fi òwú àwọ̀ míì ṣe é, ihò abẹ́rẹ́ á wà lára gínì, ibi tó ti ń dán tẹ́lẹ̀ á máa hàn bí ibi tí kòkòrò jẹ. Nítorí náà àpẹẹrẹ mọ́nógíráàmù àti àwọ̀ òwú, kí wọ́n ti sọ ọ́ kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yín, kí ìpolówó náà sì sọ pé lẹ́yìn ìyẹn kò sí ohun tó ṣeé ṣe sí i.

Ohun kan tún ni. Kíkọ ọ́ sínú ìpolówó nìkan ò tó. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa gé e, ẹ fi ìwọ̀n tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ àti fótò aṣọ ránṣẹ́ sí kọ́sítọ́mà pé "aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la la máa gé e, tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí nǹkan padà ẹ sọ báyìí". Kí ẹ sọ ọ́ nínú ìpolówó pé irú àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn á wá, kí wọ́n lè máa retí rẹ̀.

Káfíńtà Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Tèmi kì í ṣe aṣọ, ilẹ̀kùn àti kọ́bọ́ọ̀dù ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kàn mí dáadáa. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n kọ́ nílùú wa ńbí, ó ṣọ̀wọ́n kí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ bákan náà. Mo máa ń wọ̀n ọ́n lókè, láàárín, nísàlẹ̀, èyí tó kéré jù ni mo máa fi ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀ tó fi ránṣẹ́, ìsàlẹ̀ nìkan ló máa wọ̀n. Mo ti kọ ọ́ sára ìpolówó mi báyìí pé tó bá jẹ́ èmi ni mo wá wọ̀n ọ́n, àṣìṣe tèmi ni, èmi ni màá tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́; tó bá jẹ́ ìwọ lo wọ̀n ọ́n, owó pákó tuntun wà lọ́rùn ẹ. Ìjà dín kù láti ìgbà yẹn.

Télọ̀ Kàbà

Bàbá, ẹ ṣeun. Wàhálà tèmi ni pé àwọn kọ́sítọ́mà mi jìnnà, mi ò lè bá ẹni tó wà ní Èkó lọ wọ̀n ọ́n. Àwọn náà ni wọ́n máa wọ̀n ara wọn, tàbí ìyàwó wọn.

Ìyá Ìbejì Lọ́kọ́jà

Kọ́sítọ́mà lèmi, mi ò mọ ránṣọ-ránṣọ. Télọ̀ kan ní kí n fi sáìsì ọkọ mi ránṣẹ́, mo fi "XL" ránṣẹ́ torí ohun tó wà lára ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ nìyẹn. Bùbá dé, kò lè gbọ́wọ́ sókè nínú rẹ̀. Télọ̀ ní èmi ni mo jẹ̀bi. Ṣé kò yẹ kí ó ti béèrè ohun tó fẹ́ gan-an ni?

Àǹtí Ìyàrà

Ìyá Ìbejì, ẹ jàre. "Sáìsì" ò túmọ̀ sí nǹkan kan fún aṣọ àránṣe. Ó dáa tẹ́ ẹ mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ pé kò lè gbọ́wọ́ sókè, torí ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ti ń wá, kódà nígbà tí kọ́sítọ́mà fi nọ́ńbà ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọkọ kan, tẹ́ ẹ bá fi tépù yí àyà rẹ̀ ká lábẹ́ apá, 42 ni. Bùbá tó máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn, télọ̀ á fi bí ìnṣì mẹ́fà kún un, á di 48. Èyí dáa. Ṣùgbọ́n ẹnì kan náà lè tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó wọ̀ dáadáa sórí bẹ́ẹ̀dì, kó wọ̀n ọ́n láti abẹ́ apá dé abẹ́ apá, kó rí 24, kó sọ ọ́ di méjì, kó wá fi 48 ránṣẹ́. Télọ̀ tó rò pé ara ni á fi mẹ́fà kún un, bùbá á di 54, èjìká á máa já wálẹ̀, aṣọ á kó jọ sábẹ́ apá. Télọ̀ mìíràn sì wà tó máa gba 42 tó jẹ́ ìwọ̀n ara, kó rò pé ìwọ̀n aṣọ ni, kó gé e sí 42 gẹ́lẹ́. Ó jọ pé irú rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí ọkọ yín, àfi pé XL lẹ fi ránṣẹ́, kì í ṣe nọ́ńbà.

Nítorí náà ìpolówó gbọ́dọ̀ sọ ọ́: "Ìwọ̀n ara la fẹ́, ẹ má fi nǹkan kan kún un, àwa la máa fi àyè sí i." Kẹ́ ẹ sì tún béèrè ìwọ̀n ṣẹ́ẹ̀tì kan tó wọ̀ wọ́n dáadáa lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ fi wé ara wọn. Tí ara bá jẹ́ 42 tí ṣẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ 47 tàbí 48, ó dáa. Tí méjèèjì bá jẹ́ nọ́ńbà kan náà, ẹnì kan ti ṣìwọ̀n, ẹ má gé nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá rí àyà 107, ẹ má bẹ̀rù, ẹ̀yìn tépù ni wọ́n wò, sẹ̀ǹtímítà ni, 42 náà ni. Ẹ kọ "ìnṣì" sí i kedere, pàápàá fún àwọn tó wà lókè òkun.

Télọ̀ Kàbà

Àǹtí, ẹ ṣé gan-an. Àwọn ìwọ̀n tí mò ń fẹ́ nìyí, ẹ wò ó bóyá ó pọ̀ jù: èjìká (láti egungun dé egungun, lẹ́yìn), àyà, ọrùn, ọwọ́ láti egungun èjìká dé ọrùn ọwọ́, gígùn bùbá, ìdí, itan, gígùn ṣòkòtò, ẹnu ẹsẹ̀. Ti agbádá, gígùn láti ẹ̀bá ọrùn dé ibi tí wọ́n fẹ́ kó parí sí, àti láti ọrùn ọwọ́ kan dé èkejì tí wọ́n bá na apá méjèèjì. Ti fìlà, kí wọ́n fi tépù yí orí ká lókè etí.

Àǹtí Ìyàrà

Kò pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹ ò fi ikùn sí i. Ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa, ikùn ju àyà lọ, ibẹ̀ sì ni bùbá ti máa há. Ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n níbi tó yọ jù, kí wọ́n má fa ikùn sínú. Ẹ tún béèrè bí wọ́n ṣe ga tó, kì í ṣe torí pé ẹ máa fi gé aṣọ, ṣùgbọ́n tí ẹni tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà bá ní gígùn ṣòkòtò òun jẹ́ 36, ẹ á ti mọ̀ pé ó yẹ kẹ́ ẹ pè é. Bákan náà ni èjìká, tó bá ti kọjá bí 20, ẹ ní kó fi fótò tépù náà lórí ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́, apá ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń wọ̀n mọ́ ọn.

Oní-mọ́nógíráàmù Ìsánlú

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ọjọ́, torí ẹ̀yin télọ̀ lẹ̀ ń fi orúkọ wa jẹ́jẹ̀ẹ́. Télọ̀ á sọ fún kọ́sítọ́mà pé ọjọ́ méje, kò ní bi mí iye aṣọ tó wà nílẹ̀ níwájú tirẹ̀. Agbádá tó kún àyà, tó kún ẹ̀yìn, kì í ṣe iṣẹ́ ìdajì ọjọ́. Tí iná bá lọ láàárín, mo gbọ́dọ̀ tan jẹnẹrétọ̀ kí n wá ojú ibi tó dúró sí, tí férémù bá sì ti sún díẹ̀ ìlà náà ò ní bára mu. Láti ìparí oṣù kọkànlá lọ sí Kérésì, iṣẹ́ á ga dé àjà. Ẹ bi wá kẹ́ ẹ tó kọ ọjọ́ sílẹ̀.

Ọmọ Mọ̀pà

Ẹ kọ ọ̀sẹ̀ méjì, ó parí.

Àǹtí Ìyàrà

Ọ̀sẹ̀ méjì láti ìgbà wo? Ìyẹn ni Télọ̀ Kàbà ń sunkún lé lórí látòwúrọ̀. Ẹ kọ ohun tó ń bẹ̀rẹ̀ kíkà: àsansílẹ̀ ti wọlé, ìwọ̀n ti pé, wọ́n ti fọwọ́ sí àwọ̀ aṣọ àti òwú. Ọjọ́ tí èyí tó gbẹ̀yìn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dé, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ọjọ́ kìíní.

Lẹ́yìn náà ẹ ya ọjọ́ iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọjọ́ ọ̀nà. Ká ní ẹ máa lo ọjọ́ mẹ́rin fún gígé àti rírán, mẹ́rin lọ́dọ̀ oní-mọ́nógíráàmù, ọ̀kan fún bọ́tìnnì àti lílọ̀, kẹ́ ẹ sì fi mẹ́ta sílẹ̀ fún ohun tójú ò tó. Méjìlá nìyẹn, Sọ́ńdè ò sí níbẹ̀. Wéébíìlì láti páàkì Kàbà, ẹ fún un ní ọjọ́ méjì.

Tí kọ́sítọ́mà bá wá ní Sátidé 14 oṣù kọkànlá ni wọ́n ń sìnkú bàbá òun, ẹ kà á padà sẹ́yìn. Ó yẹ kó gba aṣọ ní Wẹ́sidé 11, kó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Kó kúrò lọ́wọ́ yín ní Mọ́ńdè 9. Iṣẹ́ gbọ́dọ̀ parí ní Sátidé 7. Ọjọ́ iṣẹ́ méjìlá sẹ́yìn, Mọ́ńdè 26 oṣù kẹwàá ló máa bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ ti pé lọ́wọ́ yín ní Sátidé 24, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ṣáájú ìnáwó. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ síwájú nìyẹn: "Kí gbogbo nǹkan pé lọ́wọ́ wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìnáwó yín." Ó yé ènìyàn ju "ọjọ́ iṣẹ́ méjìlá" lọ, torí ọjọ́ ìnáwó ni kọ́sítọ́mà ní lọ́kàn, kò ní ọjọ́ iṣẹ́ yín lọ́kàn.

Ìyá Ìbejì Lọ́kọ́jà

Èyí yé mi. Ká ní télọ̀ yẹn sọ ọ́ báyìí fún mi ni.

Ẹ̀gbọ́n Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀

Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ òfin ni mo fẹ́ fi kún un. "Kò sí owó padà" tí Ọmọ Mọ̀pà sọ yẹn ò bo àṣìṣe télọ̀ mọ́lẹ̀. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní orílẹ̀-èdè wa gbà pé ẹni tó ti ní kí onísòwò bá òun ṣe nǹkan lè fagi lé e, onísòwò náà sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó tó bọ́gbọ́n mu lórí fífagi lé e yẹn. Tẹ́ ẹ bá gé aṣọ sí 42 nígbà tí wọ́n kọ 48 fún yín, kò sí ohun tẹ́ ẹ kọ sí ìpolówó tó máa gbà yín. Nítorí náà ẹ kọ méjèèjì: ohun tí kọ́sítọ́mà máa pàdánù tó bá yí ọkàn padà, àtohun tẹ́yin máa ṣe tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ṣàṣìṣe.

Ọmọ Mọ̀pà

Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, aṣọ tí mo ti gé sí ìwọ̀n ọkùnrin kan, tí mo kọ orúkọ rẹ̀ sí lápò, ta ni mo tún fẹ́ tà á fún? Owó tó bọ́gbọ́n mu níbẹ̀ ni gbogbo owó náà.

Ẹ̀gbọ́n Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀

Tó bá ti parí, mo lè bá ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé o kàn gé e ni, owó rírán àti mọ́nógíráàmù ò tíì jáde lápò rẹ. Kí nìdí tó o fi máa gbà á?

Ọmọ Mọ̀pà

Torí mo ti kọ iṣẹ́ ẹlòmíì sílẹ̀ fún tirẹ̀. Mi ò gbà.

Àǹtí Ìyàrà

Lórí èyí, olúkálukú ló máa ṣe tirẹ̀. Èmi kì í dá owó aṣọ padà tí mo bá ti gé e, mo máa ń dá owó iṣẹ́ tí mi ò tíì ṣe padà. Ohun tó ṣe kókó ni pé kó wà nínú ìpolówó kí wọ́n tó sanwó.

Télọ̀ Kàbà

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ohun tí mo kọ rèé, ẹ bá mi wò ó:

*Agbádá gínì pẹ̀lú bùbá, ṣòkòtò àti fìlà, ti ọkùnrin. Ìwọ̀n yín la fi ń rán an, kì í ṣe èyí tó wà nílẹ̀.*

*Kí àsansílẹ̀, ìwọ̀n, àwọ̀ aṣọ àti àwọ̀ òwú pé lọ́wọ́ wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìnáwó yín. A ò ní bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ tí ọ̀kan bá kù. Ti Kérésì, ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù kọkànlá la máa gba iṣẹ́ mọ.*

*Ìwọ̀n ara la fẹ́, ní ìnṣì. Ẹ má fi nǹkan kan kún un, àwa la máa fi àyè sí i. A máa fi àwòrán ibi tẹ́ ẹ máa wọ̀n ránṣẹ́ sí yín. Ẹ tún wọ̀n ṣẹ́ẹ̀tì kan tó wọ̀ yín dáadáa fún wa lọ́tọ̀.*

*Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú gígé, a máa fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ padà kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Tí a bá ti ra aṣọ, àwọ̀ ò yí padà mọ́. Tí a bá ti gé e, a lè dín in kù, a ò lè fi kún un. Tó bá ti lọ fún mọ́nógíráàmù, ọrùn, èjìká, àpẹẹrẹ àti àwọ̀ òwú ò ṣeé fọwọ́ kàn mọ́. Gígùn ọwọ́ bùbá, ẹnu ẹsẹ̀ àti ìdí ṣòkòtò ṣì ṣeé tún ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá gbà á.*

*Tí a bá ṣi ìwọ̀n tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ gé, àwa la máa tún un rán, owó ọkọ̀ sì wà lọ́rùn wa. Tí ìwọ̀n tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ bá ṣì, a máa bá yín tún èyí tó ṣeé tún ṣe, ẹ̀yin lẹ máa san owó iṣẹ́ àti ọkọ̀.*

Àǹtí Ìyàrà

Ó dáa gan-an. Ohun kan ṣoṣo: ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ẹ gbé e sórí ìlà àkọ́kọ́, kó ṣáájú "agbádá gínì". Tí ọ̀rọ̀ bá ti gùn lórí Wọ́sáàpù, ìlà díẹ̀ lókè ló máa hàn, ìyókù á sá sábẹ́ títí wọ́n á fi tẹ̀ ẹ́, ọ̀pọ̀ ò sì ní tẹ̀ ẹ́.

Ìyá Ìbejì Lọ́kọ́jà

Ẹ sọ ti àwọ̀ náà o. Ohun tó jẹ́ wáìnì lórí fóònù mi lè jẹ́ pupa lójú oòrùn.

Oní-mọ́nógíráàmù Ìsánlú

Òótọ́ ni. Kó ya fótò aṣọ àti òwú papọ̀ níta, ní ọ̀sán, kó má ya á lábẹ́ gílóòbù. Àwọ̀ ò ní bára mu tán náà ṣá, kó kọ ọ́ pé ó lè fi díẹ̀ yàtọ̀.

Télọ̀ Kàbà

Mo ti fi méjèèjì kún un, mo sì ti gbé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ sókè. Èyí tó kù ni àsansílẹ̀, mo ń rò ó bóyá kí n gba ìdajì ni tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àǹtí Ìyàrà

Ẹ ṣírò owó aṣọ, òwú àti mọ́nógíráàmù papọ̀ kẹ́ ẹ wo ohun tó jẹ́ nínú gbogbo owó. Àsansílẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kéré sí ìyẹn. Ti gínì olówó gọbọi, ó máa ju ìdajì lọ dáadáa.